Àwọn tó takò àti àwọn tí kò dìbò: báwo la ṣe ń kọ wọ́n sínú mínítì láìkọ gbogbo ariwo ìpàdé?

Akọ̀wé Iléṣà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí níbí ní Iléṣà. Ní ìpàdé gbogbogbò wa, wọ́n dá àbá pé kí ẹgbẹ́ ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ́nà Àkúrẹ́ ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà. Ẹni 14 fọwọ́ sí i, 9 takò ó, 8 kò dìbò. Alága kéde pé àbá wọlé. Ojú ewé 6 ni mínítì tí mo kọ, ìgbìmọ̀ ní ó gùn jù. Àwọn tó takò ní bí mo bá gé e kúrú, mo ti bo ọ̀rọ̀ àwọn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Nínú àwọn 8, ẹnì kan fẹ́ kí n kọ orúkọ òun, àwọn yòókù ní kí n má dán an wò. Kí ni kí n kọ, kí ni kí n yọ?

Bàbá Ìsọ̀kun

Ojú ewé 6 kẹ̀? Ìwé ìròyìn nìyẹn, kì í ṣe mínítì. Ohun tí ìpàdé ṣe ni kí o kọ, fi ohun tí ẹnu sọ sílẹ̀ fún ẹnu. Ọ̀rọ̀ àwọn 8 yẹn kò sì le rárá: ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. 14 àti 8 jẹ́ 22. Kọ ọ́ pé "ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i", kí o lọ sinmi.

Ìyá Làgéré

Ẹ ṣé, Bàbá. Apá kìíní ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Apá kejì ni mi ò bá yín lọ. Ẹni tó jókòó sípàdé tí kò dìbò kò tíì gbà, kò sì tíì kọ̀, akọ̀wé kò sì láṣẹ láti bá a gbé ìbò rẹ̀ lọ síbì kankan. Ibi tí àìdìbò rẹ̀ máa já sí, gbólóhùn kan péré nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ ló máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tí akọ̀wé wa mú wá ṣe é. Bí òfin wọn bá ní "ọ̀pọ̀ nínú ìbò tí wọ́n dì", ìbò 23 ni wọ́n dì, ìyẹn 14 àti 9. Nínú 23, 12 ti tó. 14 ti kọjá ibẹ̀, àbá wọlé, àwọn 8 tí kò dìbò kò ṣe é ní oore, wọn ò sì ṣe é ní ibi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nípàdé" ló wà níbẹ̀, 31 la máa fi ṣírò, ó sì di 16 kí àbá tó lè wọlé. 14 kò tó. Àwọn 8 ò sọ pé rárá, àmọ́ àìdìbò wọn ti ṣe iṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá wá kọ "ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i", ẹni tó bá ṣí ìwé náà lọ́dún mẹ́ta sí i kò ní mọ̀ bóyá ìpinnu yẹn dúró tàbí kò dúró. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ máa kọ nígbà gbogbo, kódà bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo.

Akọ̀wé, mo ní ìbéèrè méjì. Kí ni ìwé òfin yín wí gan-an? Ẹ da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ síbí bó ṣe wà. Ìkejì: ṣé ẹ ka àwọn 8 yẹn ni, àbí ẹ kàn yọ 23 kúrò nínú iye àwọn tó kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?

Akọ̀wé Iléṣà

Ẹ ṣé, mà. Bó ṣe wà nínú ìwé òfin rèé: "Ìbò ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní ìpàdé ni yóò máa fìdí ìpinnu múlẹ̀." A kà wọ́n ni. Alága ní kí àwọn tí kò dìbò náà nawọ́, mo sì ka 8. Ẹni 34 ló kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà.

Ìyá Làgéré

Ó dára pé ẹ ní kí wọ́n nawọ́. Ìyọkúrò ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń ṣe. Wọ́n á yọ 23 kúrò nínú 34, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹni 11 kò dìbò, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta nínú wọn ti lọ mú ọmọ nílé ìwé. Ẹni tí kò sí nínú yàrá kò ta kété sí ìdìbò. Kò sí níbẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹni 34 ló wá, ẹni 31 ló wà ní ìjókòó nígbà ìdìbò." Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé 31, ìṣirò bára mu. Bí kò bá pé, ẹ ní kí wọ́n tún ìbò kà kí alága tó kéde. Bó bá ti kéde tán, kò sí bí ẹ ṣe máa jókòó sílé tún un ṣe.

Ẹnì kan tún wà tí a kì í kà mọ́ àwọn 8. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà, tó sọ bẹ́ẹ̀, tó sì bọ́ síta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe àìdìbò lásán nìyẹn. Ẹ ní láti kọ orúkọ rẹ̀, ohun tó dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìgbà tó jáde àti ìgbà tó wọlé padà. Ìlà kan ni yóò gbà, òun gan-an ló sì máa ń gba ẹni náà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dàrú lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó le. 14 kò tó 16. Bí a bá fojú òfin tí ẹ kọ síbí wò ó, àbá yẹn kò wọlé.

Bàbá Ìsọ̀kun

Hẹ̀n-ẹ́n! Alága ti kéde ná. Ṣé akọ̀wé ló máa wá fi bírò gba ìdájọ́ lẹ́nu alága? Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá kà nínú ìwé la fi ń da ẹgbẹ́ rú.

Ìyá Làgéré

Rárá o, Bàbá. Ibẹ̀ gan-an ni akọ̀wé ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kò gbọdọ̀ kọ "àbá kò wọlé", nítorí kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé. Kò sì gbọdọ̀ fi iye ìbò pamọ́ kí ìkéde alága lè dùn-ún gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó kọ: 14, 9, 8, alága sì kéde pé àbá wọlé. Àṣìṣe náà á hàn fúnra rẹ̀ lójú ìwé.

Lẹ́yìn náà, kó kọ lẹ́tà sí alága lọ́tọ̀, kí lẹ́tà náà má wọ inú mínítì, pé: òfin báyìí-báyìí sọ báyìí, iye ìbò rèé, ó yẹ kí ẹ gbé e padà wá sípàdé kí owó tó jáde. Alága àti ìpàdé ló láṣẹ láti tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe, mínítì ìpàdé TUNTUN ni yóò gbé e. Mínítì ti àtijọ́ kò ní yí padà.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀

Ẹ kú àlàyé, mà. Ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ńpìnnì ni iṣẹ́ tèmi wà, mo kàn fẹ́ fi kún un. Nínú òfin kọ́ńpìnnì wa ti 2020, ìbò tí wọ́n dì nìkan la ń kà: ìpinnu kékeré ń fẹ́ ohun tó lé ní ìdajì, ìpinnu pàtàkì ń fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tí kò dìbò kò sí nínú ìṣirò rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì bọ́ sínú ẹgbẹ́ ìlú fi máa ń ṣì í, torí ó rò pé ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, ìwé òfin ẹgbẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ní ti ìkéde alága, Bàbá Ìsọ̀kun kò jìnnà sí òótọ́. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ nína dìbò ní kọ́ńpìnnì, tí alága kéde, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, ìkéde yẹn lágbára púpọ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá béèrè pé kí wọ́n ka ìbò kíkún. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ní 1902, ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ kọ́ńpìnnì ìwakùsà kan. Alága wọn ní ẹni 6 gbà, 23 kọ̀, ṣùgbọ́n ìbò 200 wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú, nítorí náà ìpinnu wọlé. Ilé ẹjọ́ ní ìkéde yẹn kò dúró, torí iye tí alága fẹnu ara rẹ̀ kà ló tú u fó. Ẹ rí i pé bí kò bá sí iye yẹn, kò sẹ́ni tó máa rí àṣìṣe náà.

Lánlọ́ọ̀dù Òkèsà

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, ẹnì kan kò wá sípàdé, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sórí Wásáàpù láàárọ̀ pé òun takò owó géètì tí a fẹ́ dá. Ó wá ń yọ akọ̀wé lẹ́nu pé kó kọ òun mọ́ àwọn tó takò. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Ṣé mo ṣe dáadáa? Ẹlòmíì tún ní ká gba ohùn gbogbo ìpàdé sílẹ̀ lórí fóònù kí ìjà lè parí.

Ìyá Làgéré

Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀ sí ti akọ̀wé, sà. Àfi bí ìwé òfin yín bá gba kí ẹni tí kò wá dìbò láti ilé, kò sí lára àwọn tó takò, kò sì sí lára àwọn tí kò dìbò. Bí ẹ bá kọ ọ́ mọ́ wọn, iye yín máa ju àwọn tó jókòó lọ. Bí alága bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sétí ìpàdé, ẹ lè kọ ọ́ lábẹ́ lẹ́tà tó wọlé: "Alága ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ránṣẹ́ lórí owó géètì." Ó tó.

Ní ti ohùn gbígbà, ó wúlò fún akọ̀wé láti fi yẹ iye àti ọ̀rọ̀ àbá wò. Kò parí ìjà kankan. Ẹ sọ ọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀ ń gbà á, kí ìpàdé sì fẹnu kò lórí ìgbà tí ẹ máa pa á rẹ́.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀

Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà pé kí wọ́n pa á rẹ́. Bí ẹjọ́ bá dé ńkọ́?

Ìyá Làgéré

Bí ohùn bá wà nílẹ̀, gbogbo ẹni tí inú ń bí á máa sọ pé "ẹ lọ gbọ́ ohùn, n ò sọ bẹ́ẹ̀", ohùn yẹn á sì gba ipò mínítì. Pípa ni mo fara mọ́, lẹ́yìn tí ìpàdé tó tẹ̀ lé e bá ti fọwọ́ sí mínítì. Mo mọ̀ pé àwọn agbẹjọ́rò kan máa ń sọ òdìkejì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Akọ̀wé Iléṣà

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Máa kọ lẹ́tà sí alága lónìí. Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn 9. Ohun tí wọ́n sọ ló gba ojú ewé 4 nínú 6. Ẹni márùn-ún ló sọ̀rọ̀. Mẹ́ta nínú wọn ń béèrè ẹni tó yẹ ìwé ilẹ̀ wò, méjì ní owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ máa kéré jù fún ẹ̀yáwó. Ẹnì kan pe akápò ní olè, ariwo sì sọ. Ìyá àgbà kan nínú wọn ní kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀ pé òun kò lọ́wọ́ sí i.

Ìyá Làgéré

Ẹ má kọ ẹni tó sọ ọ́. Ìdí ni kí ẹ kọ, kí ìdí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, gbólóhùn kan ni. Ẹni méjì sọ ọ̀rọ̀ owó ìpamọ́, gbólóhùn kan ni. Ojú ewé 4 ti di ìlà méjì báyìí, kò sì sí èrò kan tó sọnù nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá kọ ìdí àwọn tó takò, ẹ kọ ìdí àwọn tó fọwọ́ sí i náà, kó gùn dọ́gba. Bí àwọn tó takò bá gba ìlà méjì, tí àwọn tó fọwọ́ sí i gba òdo, òǹkàwé á rò pé ìpàdé kàn ya wèrè ni. Bó bá sì jẹ́ ìdí àwọn tó borí nìkan ló wà níbẹ̀, akọ̀wé ti ṣègbè. Ẹ lè yọ ìdí méjèèjì, ìyẹn náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ owó tó tó báyìí, mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́, torí àyẹ̀wò owó á fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni kìlọ̀ nípa ìwé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olè yẹn kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ó fi ìbínú sọ", "ó takú", "wọ́n kùn" kò gbọdọ̀ wọlé pẹ̀lú. Ìdájọ́ akọ̀wé ni wọ́n. Bí alága bá ní kí ẹni náà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, tó sì kó o jẹ, ẹ kọ pé alága pe ìpàdé sí ìlànà. Bí alága bá ní kí ìgbìmọ̀ yẹ ẹ̀sùn náà wò, àṣẹ àyẹ̀wò yẹn ni kí ẹ kọ, nítorí iṣẹ́ tí ìpàdé gbé fún ẹnì kan ni.

Ìyá àgbà yẹn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá takò lè ní kí wọ́n kọ orúkọ òun, bó bá ti sọ ọ́ kí ìpàdé tó parí. Gbólóhùn kan: orúkọ rẹ̀, pé ó takò, pé òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ má fi ìdí rẹ̀ kún un tí ìdí yẹn bá ti wà lókè. Ẹni tó bá délé tó wá ronú, tó fi fóònù pè yín lálẹ́ pé kí ẹ kọ orúkọ òun náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ó ti pẹ́. Mínítì kò lè gbé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nípàdé.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀

Fún ìgbìmọ̀ tó ń ná owó, èyí kọjá ọ̀rọ̀ iyì. Bí ìpinnu bá já sí gbèsè, ẹni tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó takò yóò ṣòro fún un láti sọ pé òun kò lọ́wọ́ sí i. Àìdìbò kò tó láti gbà á. Mo tún rò pé ẹni tó bá ní ìdí gígùn kó kọ lẹ́tà, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn mínítì.

Ìyá Làgéré

Kó kọ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú fáìlì ni kó lọ, kí mínítì kàn sọ pé lẹ́tà wà. Bí ẹ bá so tirẹ̀ mọ́ ọn, akápò á kọ tirẹ̀, ẹni kẹta á fèsì, ìjà yẹn á wá máa jà nínú ìwé.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀

Mà, fáìlì a máa sọnù. Ohun tí wọ́n bá so mọ́ mínítì kì í sábà sọnù. Mo ṣì dúró lórí tèmi.

Bàbá Ìsọ̀kun

Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́n jù fún mi. Ẹ sọ ti ẹni kan nínú àwọn 8 tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun. Bí ẹ bá kọ ti ẹnì kan, gbogbo ìlú á mọ̀ pé àwọn méje kan tún wà tí wọ́n ń sá. Ìjẹ̀ṣà kì í pẹ́ ṣírò.

Ìyá Làgéré

Bàbá, ẹ gbá a mú lórí ìyẹn. Bó bá béèrè rẹ̀ nípàdé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ nìkan, àwọn méje ṣì jẹ́ iye lásán. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí a fi tipá kọ, àyàfi bí ìpàdé bá pinnu pé kí wọ́n fi orúkọ pípè dìbò; nígbà náà gbogbo ẹni 31 ni a ó kọ. Bó bá sì jẹ́ ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, a kì í kọ orúkọ kankan. Ìwé ìbò tó ṣófo tàbí tó bàjẹ́, ìlà tirẹ̀ ni a ń kọ ọ́ sí, a kì í kà á mọ́ àwọn tí kò dìbò.

Akọ̀wé Iléṣà

Ẹ wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ:

> Lẹ́yìn àríyànjiyàn gbígbóná, ìpàdé dìbò lórí àbá ríra ilẹ̀. Àwọn tó takò sọ pé kò sẹ́ni tó yẹ ìwé ilẹ̀ wò, àti pé owó ìpamọ́ máa kéré jù fún ẹ̀yáwó. Ẹni 14 fọwọ́ sí i, 9 takò, àwọn yòókù kò dá sí i. Àbá wọlé.

Ìyá Làgéré

Ó ti sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ yọ "àríyànjiyàn gbígbóná". Ẹ kọ àbá náà bí wọ́n ṣe dá a, pẹ̀lú iye owó àti orúkọ ẹni tó dá a àti ẹni tó kín in lẹ́yìn, torí "àbá ríra ilẹ̀" lè di ilẹ̀ mìíràn lọ́la. "Àwọn yòókù" kì í ṣe iye. Ìdí àwọn tó fọwọ́ sí i kò sí níbẹ̀. "Àbá wọlé" dúró bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Alága ló sọ ọ́. Báyìí ni kó rí, kí ẹ fi ìdí tiwọn sí ibi tí mo fi àlàfo sí:

> Àbá: kí ẹgbẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Àkúrẹ́ ní ₦2,500,000 láti inú owó ìpamọ́. Ẹni tó dá a: ……. Ẹni tó kín in lẹ́yìn: …….
> Àwọn tó fọwọ́ sí i sọ pé …….
> Àwọn tó takò sọ pé wọn kò tíì yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò, àti pé owó tó máa ṣẹ́ kù kò ní tó fún ẹ̀yáwó.
> Ìdìbò (ẹni 31 ló wà ní ìjókòó): 14 fọwọ́ sí i, 9 takò ó, 8 kò dìbò.
> Alága kéde pé àbá wọlé.
> Ìyáàfin ……. ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun takò ó.

Bí ẹni kan nínú àwọn 8 bá béèrè nípàdé, ìlà tirẹ̀ tẹ̀ lé ti ìyáàfin yẹn.

Akọ̀wé Iléṣà

Lẹ́yìn ìpàdé ló bá mi sọ ọ́, mà.

Ìyá Làgéré

Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá ka mínítì yìí nípàdé tó ń bọ̀, ó lè dìde sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ti ọjọ́ yẹn. Ẹ kíyè sí i lọ́jọ́ náà: ẹnì kan á fẹ́ fi "àtúnṣe mínítì" tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá sílẹ̀. Àtúnṣe ni pé iye tàbí orúkọ kò tọ̀nà. Bó bá jẹ́ iye ló ṣì, ẹ fa ìlà kan lé e, kí ó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sókè rẹ̀, kí alága fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀dà funfun pa á.

Akọ̀wé Iléṣà

Mo ti fi lẹ́tà náà lé alága lọ́wọ́. Ó ní òun kò rántí pé "tó wà ní ìpàdé" wà nínú ìwé òfin, pé kí n mú ìwé náà wá. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹni tó ni ilẹ̀ ń retí owó àsansílẹ̀. Akápò ní òun kò ní fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì títí alága fi máa dáhùn.